Ọkọ mi wà ní Àgbádárìgì, iṣẹ́ ìjọba mi wà l'Ábẹ́òkúta: ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀?

Ìyá Tìmí: Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Aṣọ́bodè ni ọkọ mi ní Sẹ̀mẹ̀, Àgbádárìgì nilé wa. Èmi ń kọ́ ìṣirò ní ilé ìwé girama ìjọba l'Ábẹ́òkúta. Ìyá ọkọ mi ní àlejò ni ìyàwó tí kì í gbélé. Ọ̀gá ilé ìwé wa náà kì í gbẹ̀bẹ̀. Ilé ìwé aládàáni kan ní Àgbádárìgì ní kí n wá, ṣùgbọ́n owó wọn ò tó ìdajì èyí tí mò ń gbà. Ṣé kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀?

Àǹtí Ṣadé: Má dán an wò! Gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ ló máa wọmi.

Bàbá Ajárá: Kò lè wọmi. Owó tó ti wọ àpò ìfẹ̀yìntì Ìyá Tìmí, tiwọn ni, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n á lò níbi iṣẹ́ mìíràn. Èyí tí ìjọba yọ lówó oṣù tí kò tíì san síbẹ̀ ló yẹ ká bẹ̀rù. Ìyá Tìmí, ẹ gba àkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà, kí ẹ fi wé ìwé owó oṣù yín, oṣù kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo tíráńsífà láti Ògùn sí Èkó. Ẹ máa kọ̀wé gba ọwọ́ ọ̀gá ilé ìwé yín. Èkó ní láti gbà pé àyè wà fún yín, kí Ògùn tó yọ̀ǹda yín. Ẹ má fi àlàfo sáàárín ọjọ́ tí ẹ kúrò àti ọjọ́ tí ẹ wọlé, torí wọ́n lè kà yín sí ẹni tuntun, kí ọdún tí ẹ ti ṣe já sófo. Agbègbè Ẹ̀kọ́ Karùn-ún ló ni Àgbádárìgì, àmọ́ Ajérọ̀mí náà wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé yín síbẹ̀, ojú títì ni ẹ óò máa gbé. Ẹ béèrè ilé ìwé náà ṣáájú.

Mọ́dúpẹ́ Ẹ̀pẹ́: Kí ló le ńbẹ̀? Ẹ mú ìwé ìgbéyàwó lọ, wọ́n á gbé yín lọ bá ọkọ yín.

Bàbá Ajárá: Àgùnbánirọ̀ ni wọ́n ń ṣe ìyẹn fún, Mọ́dúpẹ́.

Ìyá Tìmí: Ẹ ṣé, Bàbá. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ olùkọ́ mi pé. Ṣé ó ṣì lè ṣeé ṣe bí mi ò bá tíì padà síbi iṣẹ́ láti ìgbà tí sáà yìí ti wọlé? Tìmí ń ṣàìsàn nígbà yẹn, mi ò sì kọ̀wé gbàyè.

Àǹtí Ṣadé: Háà! O ò sì sọ ọ́ látàárọ̀!

Bàbá Ajárá: Ẹ fi tíráńsífà sílẹ̀ ná. Wọ́n lè lé ẹni tó bá pa iṣẹ́ tì láìgbàyè, Èkó náà á sì béèrè fáìlì yín lọ́wọ́ Ògùn. Ẹ padà lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ mú ìwé ilé ìwòsàn ọmọ náà dání. Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ lè béèrè fún àyè tí kò ní owó oṣù nínú. Ó lè sàn fún yín ju tíráńsífà lọ, torí wọ́n lè gbé aṣọ́bodè kúrò ní Sẹ̀mẹ̀ nígbàkigbà. Ṣé wọ́n ti fún yín ní ìwé tó ń béèrè ìdí tí ẹ ò fi wá síṣẹ́?

Ìyá Tìmí: Ọ̀kan dé. Mo rò pé ọ̀gá kàn ń dẹ́rù bà mí ni, mi ò fèsì.

Bàbá Ajárá: Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí ẹ ti fèsì?