Kí la ó máa pe séràmáìdì?

Ògbufọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwọn tí awọ ara wọn gbẹ, tó ń yún wọn. Ọ̀rọ̀ náà "séràmáìdì" kún inú rẹ̀. Mo ti kọ "ọ̀rá awọ" sí i, àmọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kí la lè máa pè é? Wọ́n tún ní kí n ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè dá ìpara tí séràmáìdì inú rẹ̀ wúlò mọ̀. Kí ni kí n kọ?

Bàbá Olùkọ́:
Ọmọ mi, "ọ̀rá awọ" fẹjú jù. Èyí tó ń mú kí imú máa dán, ọ̀rá awọ ni. Èyí tó wà lábẹ́ awọ ẹni tó sanra, ọ̀rá awọ ni. Iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ni kí a fi sọ ọ́ lórúkọ. Séràmáìdì ń dènà kí omi ara má jáde, ó sì ń dènà kí ohun tí ń yún ni má wọlé. "Ọ̀rá ìdènà" ló bá a mu. Ní ti ìpara, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò le: èyí tí séràmáìdì pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni kí wọ́n rà.

Atẹ̀wé:
Ṣé kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń ṣe àwo àti táìsì ilẹ̀ náà nìyẹn? Amọ̀ kúkú ni. A ti ní orúkọ fún un látọjọ́.

Apòpara:
Rárá o, Atẹ̀wé. Sẹ̀rámíìkì nìyẹn, amọ̀ tí wọ́n sun ní iná. Séràmáìdì kò ní amọ̀ kankan nínú, ọ̀rá ni.

Bàbá, ẹ ṣeun. Ìpara ni mò ń pò jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi ṣiyèméjì nípa "ọ̀rá ìdènà". Òkè pátápátá awọ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó ti kú, tó rí pẹlẹbẹ, tí wọ́n tò léra bíi bíríkì. Ọ̀rá ni sìmẹ́ǹtì tó wà láàárín wọn. Mẹ́ta ni ọ̀rá ọ̀hún: séràmáìdì, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àti ásíìdì ọlọ́ràá. Bí a bá gbé wọn sórí ìwọ̀n, séràmáìdì á kó nǹkan bí ìdajì, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù á kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, ásíìdì ọlọ́ràá ló sì kó èyí tó pọ̀ nínú ìyókù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń dènà. Tí a bá wá fún ọ̀kan ní orúkọ náà, a ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjì yòókù.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan. Ní 1993, àwọn oníwádìí fi asitóònù nu ọ̀rá kúrò lára awọ eku, wọ́n wá fi oríṣiríṣi àdàlù pa á. Èyí tí ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀ kò dá ìwòsàn awọ náà dúró. Èyí tí kò pé, ṣe ló fà á sẹ́yìn. Nígbà tó di 1996, wọ́n rí i pé bí ọ̀kan nínú wọn bá tó ìlọ́po mẹ́ta àwọn yòókù, awọ náà ń yá ju bó ṣe máa ń yá fúnra rẹ̀ lọ. Eku ni wọ́n lò ní 1993 o, kì í ṣe èèyàn. Síbẹ̀, òun ló jẹ́ kí n máa sọ pé ìpara tó kó séràmáìdì jọ tìrìgàngàn láìsí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ló dára jù.

Àbá tèmi: ká pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní "ọ̀rá ìdènà", ká sì fi séràmáìdì sílẹ̀ bó ṣe wà.

Bàbá Olùkọ́:
Mo gbà pé mẹ́ta ni wọ́n. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àyálò tí a kàn fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Mo bi ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n bó ṣe rí lójú, ó ní ó le, ó funfun, ó dà bí ìda. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ìda awọ".

Apòpara:
Bàbá, ẹni tó sọ fún yín mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ń le bí ìda lóòótọ́, òun ló sì ń yọ àwa tí a ń pò ó lẹ́nu. Ooru tó lé ní ìwọ̀n 100 Sẹ́ṣíọ̀sì ni púpọ̀ nínú wọn fi ń yọ́. Tí a kò bá tú u dáadáa nínú ọ̀rá tó gbóná, bí ìpara bá ti tutù, ó máa ń dì padà. Ẹni tó bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ á gbọ́ horo kéékèèké bí iyanrìn, séràmáìdì tó ti di horo kò sì lè wọ àárín sẹ́ẹ̀lì mọ́. (Ọ̀rá míì náà máa ń di horo, nítorí náà kì í ṣe gbogbo horo ni séràmáìdì.)

Ohun tó bà mí lẹ́rù nípa "ìda awọ" ni pé ara ìgò ni òǹkàwé wa máa padà lọ. `Cera Alba` ni ìda oyin ń jẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí a ti kọ́ pé ìda ló ń wá, tó sì rántí pé orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "cera", á ra ìda oyin, á ní òun ti ra séràmáìdì. Ìda oyin kò burú, kì í kàn ṣe òun.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ orúkọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ní ẹ́kísímà. Mo ra ìpara kan tí wọ́n kọ séràmáìdì gàdàgbà sí iwájú ìgò rẹ̀. Tí mo bá ti fi pa á ní ẹ̀yìn orúnkún, ọmọ á bú sẹ́kún, ibẹ̀ á pọ́n. Ohun tí wọ́n kọ sórí ojúewé wọn nìyí:

```
Aqua, Glycerin, Caprylic/Capric Triglyceride,
Cetearyl Alcohol, Niacinamide, Phenoxyethanol,
Parfum, Carbomer, Sodium Lauroyl Lactylate,
Ceramide NP, Ceramide AP, Phytosphingosine,
Cholesterol, Xanthan Gum, Ceramide EOP
```

Ṣé séràmáìdì ayédèrú ni?

Apòpara:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kì í ṣe ayédèrú. Ẹ wá fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ohun tó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ, títí dé èyí tó jẹ́ ìdá 1 nínú 100. Èyí tí kò bá ti tó bẹ́ẹ̀, wọ́n lè tò ó bó ṣe wù wọ́n. `Phenoxyethanol` ni kì í jẹ́ kí ìpara bàjẹ́, òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò sì gbà kó kọjá ìdá 1 nínú 100. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú nígbà náà pé gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e kò tó ìdá kan. Bí séràmáìdì ṣe wà nísàlẹ̀ kì í ṣe ẹ̀sùn, ibẹ̀ ló máa ń wà.

Ẹ wá wo àwọn tó yí i ká: `Sodium Lauroyl Lactylate`, `Carbomer`, `Phytosphingosine`, `Cholesterol`, `Xanthan Gum`. Àwọn yìí sábà máa ń rìn pọ̀, nítorí pé àdàlù kan wà tí wọ́n ti tú séràmáìdì sínú rẹ̀, tí apòpara ń rà wá tààrà kí wàhálà horo má baà bá a. Ká ní ìdá 1.5 nínú 100 àdàlù náà ni séràmáìdì, tí ẹni tó po tiyín sì fi gíráàmù 5 rẹ̀ sínú gíráàmù 100 ìpara. Séràmáìdì tó wà níbẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 75. Tó bá jẹ́ gíráàmù 1 ló fi sí i, ó di mílígíráàmù 15. Ohun tó máa kọ sára ìgò méjèèjì kò ní yàtọ̀ rárá. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè bá Bàbá sọ pé kí wọ́n ra èyí tó pọ̀ jù: ara ìgò kì í sọ iye.

Ohun tí mo lè kà níbẹ̀ nìyí. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wà. Ásíìdì ọlọ́ràá kò sí. Bíi `Stearic Acid` tàbí `Linoleic Acid` ni ẹ bá máa rí. Glísẹ́rìn wà lókè, ó dára. Kò sí faselíìnì tàbí `Dimethicone` tó máa bo ojú awọ kí omi má tètè fò lọ. Lọ́fínńdà sì wà níbẹ̀, òun ni `Parfum`. Òun ni mo kọ́kọ́ fura sí nípa ẹkún ọmọ. `Niacinamide` náà lè ta awọ tó ti bó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń ran awọ lọ́wọ́ láti ṣe séràmáìdì tirẹ̀. Ẹ dá a dúró, kí ẹ wá èyí tí kò ní lọ́fínńdà. Tí pípọ́n yẹn ò bá lọ, tàbí tó ń ṣomi, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìgò àtijọ́ lè kọ `Ceramide 3`. `Ceramide NP` náà ni.

Bàbá Olùkọ́:
Òróró wà nípò kẹta níbẹ̀. Òróró kì í ṣe ọ̀rá ni?

Apòpara:
Ọ̀rá ni, Bàbá, àmọ́ ásíìdì inú rẹ̀ ṣì so mọ́ glísẹ́rìn. Èyí tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kò so mọ́ nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ jẹ́ kí n fi ọṣẹ kún un. Awọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe séràmáìdì, àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń bá a ṣe é sì fẹ́ kí awọ kan díẹ̀, kí pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń kéré sí i bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i, wà ní nǹkan bí 5. Ọṣẹ tó jẹ́ ọṣẹ gan-an máa ń tó 9 sí 10. Ẹni tó ń fi ọṣẹ bẹ́ẹ̀ wẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ ń ba iṣẹ́ tí ìpara ń ṣe jẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yẹn.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi Apòpara. Ṣé séràmáìdì ju faselíìnì lásán lọ? Ní 2011, wọ́n fi ìpara mẹ́ta wéra lára àwọn ọmọ tí ẹ́kísímà wọn kò le jù. Ọ̀kan jẹ́ ti séràmáìdì tí dókítà ń kọ fúnni, ọ̀kan jẹ́ èyí tí wọ́n fi faselíìnì ṣe, tówó rẹ̀ sì kéré jù. Wọn ò rí ìyàtọ̀.

Apòpara:
Òótọ́ ni, àwọn ọmọ inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Lójú mi, faselíìnì ló ń dá omi dúró lójú ẹsẹ̀. Séràmáìdì ń ṣe iṣẹ́ tó pẹ́ jùyẹn lọ, mo sì máa ń fẹ́ kí méjèèjì wà nínú ìgò kan. Àmọ́ mi ò ní gba ẹni tí owó rẹ̀ kò tó níyànjú pé kó fi faselíìnì sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ó dáa, àmọ́ kò tíì yí mi lọ́kàn padà.

Ògbufọ̀:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ "odi awọ tó wó" fún awọ tí ìdènà rẹ̀ kò lágbára mọ́. Ṣé ó dáa?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Kò tíì wó. Omi ló ń gba àárín rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, tí a kò rí i. Ohun tí èèyàn ń rí ni pé ara ń fà lẹ́yìn ìwẹ̀, ó ń bó, ìpara tí kì í ta á tẹ́lẹ̀ sì wá ń ta á. "Ìdènà awọ tó ń jò" ni kó o kọ.

Bàbá Olùkọ́:
Ẹni tó bá ka "ń jò" á máa wá ibi tí omi ti ń kán. Á rò pé egbò tó ń ṣomi la ń wí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Egbò ń ṣomi, Bàbá. Mi ò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni sọ pé egbò ń jò.

Ògbufọ̀:
Mo ti kọ ọ́ báyìí: "Nígbà tí ìdènà awọ bá ń jò, ẹ wá ìpara tí kò ní lọ́fínńdà, tí ẹ rí `Ceramide`, `Cholesterol` àti ásíìdì ọlọ́ràá nínú rẹ̀, tí glísẹ́rìn sì wà lókè. Bí faselíìnì tàbí `Dimethicone` bá wà níbẹ̀, ó sàn jù." Mo fi ọ̀rọ̀ ọṣẹ sí ìpínrọ̀ tó kàn.

Bàbá Olùkọ́:
Ó mọ́. Fi "tí a kò fojú rí" kún un lẹ́yìn "ń jò". Mo ṣì ń ro "ìda awọ" o.

Ìyá Ìbejì:
Mo rí ọ̀kan tí kò ní lọ́fínńdà. `Cetyl-PG Hydroxyethyl Palmitamide` ló wà níbi tí mo ti ń wá séràmáìdì. Ṣé òun náà ni?

Apòpara:
Kì í ṣe òun gan-an, àmọ́ wọ́n ṣe é kó lè máa ṣe bíi tirẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ sí ibi kékeré kan ní apá rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ná, kí ẹ tó fi dé ibi tó ti pọ́n.