Omi tọ́ílẹ́ẹ̀tì mi ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣáwà sì fẹ́ jó ọmọ mi

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn): Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Lálẹ́ àná mo ń wẹ ọmọ lábẹ́ ṣáwà, ẹnìkan fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì kejì, ni omi bá gbóná lójijì. Ọmọ figbe ta, èjìká rẹ̀ pọ́n, a dúpẹ́ pé kò bó. Nígbà tí mo ṣí ìdérí táǹkì tọ́ílẹ́ẹ̀tì, omi inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́! Táǹkì orí ilé kan náà ló ń bọ́ híta àti omi tútù. Plọ́ḿbà ní kí n yọ míkísà tó ń po omi gbígbóná mọ́ tútù ní ṣáwà yìí, kí n ra tẹmọsítátì, míkísà tó ń fúnra rẹ̀ mú kí ìgbóná omi dúró sójú kan. Ó wọ́n gan-an. Ṣé òun ló máa tán an?

Bọ̀dá Akin: Ẹ rà á, mà. Tí omi tútù bá já, òun fúnra rẹ̀ á ti omi gbígbóná pa. Kí wọ́n fi pọ́ńpù sí ojú omi tútù náà.

Bàbá Páìpù: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ṣé ṣáwà àfọwọ́dì ni, tó ní bọ́tìnì tí ẹ fi ń dá omi dúró?

Ìyá Ìbejì: Bẹ́ẹ̀ ni sà. Bọ́tìnì yẹn nìkan la máa ń tẹ̀, a kì í ti míkísà.

Bàbá Páìpù: Ibẹ̀ ni omi ti ń kọjá. Míkísà wà ní ṣíṣí, ẹnu ṣáwà sì dí, ọ̀nà omi méjèèjì ti di ọ̀kan nínú rẹ̀. Bí tọ́ílẹ́ẹ̀tì bá ń fa omi tútù, agbára rẹ̀ á wálẹ̀, omi gbígbóná á gba inú míkísà lọ síbẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń fi í sílẹ̀, ẹ pa iná híta, ẹ ti fáàfù omi tó ń wọ inú rẹ̀, kí ẹ wá ṣí omi gbígbóná ní báṣíìnì. Ó yẹ kó dá láìpẹ́.

Akin, tẹmọsítátì ń dáàbò bo ọmọ lóòótọ́, àmọ́ tí kò bá ní nọn-ritọ́ọ̀nù, fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn, lójú méjèèjì, omi á ṣì máa kọjá. Pọ́ńpù lójú omi tútù nìkan á sì máa ti omi tútù wọ ojú omi gbígbóná. Ẹ wo páálí rẹ̀ kí ẹ tó rà á: mítà kan láti ojú omi táǹkì dé ẹnu ṣáwà ń fún wa ní agbára omi 0.1 bar. Mítà 4 jẹ́ 0.4. Èyí tó bá béèrè 1 bar á kàn máa kán tótó ni.

Ọmọ Peckham: Tèmi ní Lọ́ńdọ̀nù, plọ́ḿbà fi omi gbígbóná sọ́wọ́ ọ̀tún dípò òsì. Tẹmọsítátì náà kò mọ èwo ni èwo. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wẹ omi tútù.

Ìyá Ìbejì: Mo dán an wò. Ìṣẹ́jú 3, omi ṣì ń dà.

Bàbá Páìpù: Ó ń kọjá nìyẹn. Nọn-ritọ́ọ̀nù méjì, kí ẹ sì máa ti míkísà gan-an. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò ní dá gbígbóná òjijì dúró. Ẹ fa páìpù omi tútù ọ̀tọ̀ láti táǹkì wá sí ṣáwà, tàbí kí ẹ ra tẹmọsítátì tí agbára omi yín tó. Kí wọ́n fi omi ṣan iyanrìn inú páìpù jáde kí wọ́n tó dè é.

Bọ̀dá Akin: Kí wọ́n kúkú yí híta sí 45.

Bàbá Páìpù: Kòkòrò àrùn máa ń hù nínú omi híta tí kò gbóná tó, 60 ni mo máa ń fi tèmi sí. Àmọ́ omi 60 lè bó awọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi tẹmọsítátì sí ilé tó bá ní ọmọdé.

Bọ̀dá Akin: Mi ò gbà, sà. Híta kékeré tí wọ́n ń lò tán lójoojúmọ́ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Nọn-ritọ́ọ̀nù àti páìpù ọ̀tọ̀ ni màá kọ́kọ́ ṣe ní Sátidé. Títí dìgbà náà, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo máa fi wẹ̀ wọ́n.