Ìjàpá òkun: kí lẹ sọ fún ọmọ tiyín?

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́: Ẹ kú alẹ́ o. Ààlọ́ ìjàpá òkun ni mo pa fún Táyé àti Kẹ́hìndé lánàá. Etí òkun Sẹ̀mẹ̀ ni wọ́n ti bí i, ó wẹ̀ lọ jìnnà, ó dàgbà, ó sì padà wá yé síbẹ̀. Mo ní òṣùpá ló ń fọ̀nà hàn án. Kẹ́hìndé bá ní, "Màmá, lálẹ́ tí òṣùpá ò bá yọ ńkọ́?" Ẹnu mi wọhò.

Ará Kétu: Ọ̀kan wà lẹ́yìnkùlé wa ní Kétu ńbí. Mo gbé e lọ sóko, ọjọ́ kẹsàn-án ló padà dé. Èèpo iṣu ló ń wá, mo mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ti òkun ni mo ń bèèrè o!

Apẹja Tẹ́lẹ̀: Ọdún 11 ni mo fi gbé Sẹ̀mẹ̀ kí n tó wá sí Àjàṣẹ́. Ìyá Ìbejì, òṣùpá kọ́. Agbára tó ń yí abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì wà nínú ilẹ̀, kò sì dọ́gba láti etíkun kan sí òmíràn. Àwọn onímọ̀ gbà pé ìjàpá ti fi ti etíkun rẹ̀ sọ́kàn láti kékeré. Bó bá tó yé, á máa wẹ̀ títí á fi kan irú rẹ̀. Bó bá wá súnmọ́ ilé, bóyá òórùn omi náà ń ràn án lọ́wọ́.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Òótọ́ ni, inú ihò tí wọ́n ti bí i gan-an ló ń padà sí.

Apẹja Tẹ́lẹ̀: Rárá o, agbègbè etíkun náà ni. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ń sọ, ti àwọn ọmọ ni. Òru ni wọ́n ń yọ nínú iyanrìn, ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù ni wọ́n ń forí lé, òkun ló sì máa ń mọ́lẹ̀ jù bí kò bá síná nílé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan tan iná síta. Ipasẹ̀ wọn lórí iyanrìn dà bí ẹni fi òòyà ya á, gbogbo rẹ̀ kọjú sí títì. A pa iná, a fi agbọ̀n kó wọn lọ sétí omi. Àwọn mìíràn, mọ́tò ti tẹ̀ wọ́n.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Wọ́n ní ìyá wọn ń sunkún bó bá ń yé, torí kò ní rí ọmọ rẹ̀ mọ́.

Apẹja Tẹ́lẹ̀: Omijé ń jáde lóòótọ́. Iyọ̀ òkun tó ti gbé mì ló ń tì jáde. Kódà nínú omi, ó ń ṣe é.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Hmm. Ẹkún ni màá máa sọ fáwọn ọmọ tèmi o.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́: Mo ti tún un pa lálẹ́ yìí, mo fi kọ́ḿpáàsì sí i. Kẹ́hìndé ní ta ló wá fọ̀nà han ìjàpá àkọ́kọ́. Táyé ti sùn ní tiẹ̀.