Àfọ̀mọ́ tàbí àfòmọ́: kí ni a ó máa pe títún Gẹ̀ẹ́sì ẹlòmíràn ṣe?

Ìbéèrè, láti Ògbómọ̀ṣọ́:
"Ẹ̀yin àgbà èdè, mo máa ń bá àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn tún àkọsílẹ̀ wọn ṣe kí wọ́n tó gbé e síta, mo sì ń sa ipá mi kí ohùn wọn má bàa sọnù. Àfọ̀mọ́ ni mo ń pe iṣẹ́ náà. Ṣé ó bá a mu?"

Tíṣà Àgbà, Ọ̀yọ́:
Kò bá a mu, ẹ má bínú. Àmì kékeré abẹ́ ọ kan ṣoṣo ni ó wà láàárín àfọ̀mọ́ yín àti àfòmọ́ tí ń hù lórí igi onígi. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ lórí fóònù láìfi àmì sí i ti sọ ẹni tí ń tún ìwé ṣe di ohun tí ó jókòó lé ẹ̀ka ẹlòmíràn, tí ó sì ń fa omi ara rẹ̀ mu. Bàbá mi kì í rí i lórí obì wọn kí wọ́n má yọ àdá. Ẹ tún wo à- tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: ohun tí a ti fọ̀ tí ó sì ti mọ́ ni ó ń tọ́ka sí. Ìṣe náà fúnra rẹ̀ ni ìfọ̀mọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ohun tí ó dọ̀tí ni à ń fọ̀. Ta ni ó sọ fún yín pé ìdọ̀tí ni Gẹ̀ẹ́sì ọmọ Yorùbá?

Ọmọ Ṣọ̀ún:
Ẹ ṣé, Tíṣà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ à- yìí kò rí bí ẹ ṣe gbé e kalẹ̀. Nígbà tí a bá ní "àtúnṣe ọ̀nà náà gba ọdún méjì," ìṣe ni àbí ohun tí a ti tún ṣe? À- ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ẹ sì ti gbàgbé pé fọ̀ kan náà ni a fi ń sọ pé ẹnìkan ń fọ èdè kan. Bí mo bá gbọ́ àfọ̀mọ́, ẹni tí ó fọhùn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì mọ́ ni mo máa rántí. Èmi fara mọ́ ọn.

Ẹni kan láti Ọ̀yọ́, tí kò fi orúkọ sílẹ̀:
Kí ni gbogbo wàhálà yìí? Ìtumọ̀ ni wọ́n ń pè é láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Èmi náà túmọ̀ lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi sí Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n fẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì wọn, kò sì sí ẹni tí ó béèrè orúkọ mìíràn lọ́wọ́ mi.

Olóòtú Àná:
Ọ̀gá mi, Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tiwọn ti wà kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí ń tún un ṣe, nítorí náà kì í ṣe ìtumọ̀. Kí a tó pín orúkọ, ẹ jẹ́ kí oníbèéèrè fi iṣẹ́ kan hàn wá.

Oníbèéèrè:
Káfíńtà kan ní àdúgbò Tákìé ni. Ó kọ ọ́ sí orí ẹ̀rọ ayélujára, fún àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ igi káàkiri ayé, pé òun gbé àga lọ sí ilé oníbàárà kan. Bàbá náà jáde wá gba àga, wọ́n fẹsẹ̀ kọ àtẹ̀gùn ilé ara wọn, wọ́n sì ṣubú. Káfíńtà kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé òun sọ fún "wọn" pé sọ́rì. Mo rò pé sọ́rì yẹn kò tó fún ìwé, ni mo bá fi ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń tọrọ àforíjì rọ́pò rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé kí ni ó gbé sí ojú ọ̀nà, àti pé ta ni yóò san owó ìwòsàn. Ẹlòmíràn béèrè pé àwọn mélòó ni ó ṣubú.

Olóòtú Àná:
Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Pẹ̀lẹ́ ni ó wà nínú ọkàn káfíńtà. Àwa a máa kí ẹni tí ó kọsẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, yálà àwa ni a gbé òkúta síbẹ̀ tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Sọ́rì Gẹ̀ẹ́sì lè gba ìtumọ̀ méjèèjì, ti ìkẹ́dùn àti ti ẹ̀bẹ̀. Ẹ mú èyí tí ó lè yí sí ibi rere kúrò, ẹ fi èyí tí ó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ nìkan rọ́pò rẹ̀. Gírámà dán, ṣùgbọ́n ẹ ti sọ aláìṣẹ̀ di arúfin. Bí ó bá jẹ́ èmi, pẹ̀lẹ́ gan-an ni n ó fi sínú Gẹ̀ẹ́sì náà, n ó sì fi gbólóhùn kúkúrú kan tẹ̀ lé e pé bí a ti ń kí ẹni tí ó kọsẹ̀ nìyẹn.

"Wọn" yàtọ̀. Ọ̀wọ̀ ni ó fi fún bàbá, ṣùgbọ́n òǹkàwé ibòmíràn kò ní ọ̀nà tí yóò fi mọ̀. Ẹ yí i padà sí ti ẹnìkan, kí ẹ sì fi "Bàbá" síwájú níbi tí ó bá ti kọ́kọ́ jẹ yọ, kí ọ̀wọ̀ náà má bàa bọ́.

Ọmọ Ṣọ̀ún:
Kí ni ẹ ń yí "wọn" padà sí? Gẹ̀ẹ́sì òde òní ń lò ó fún ẹnìkan ṣoṣo. Ẹ fi sílẹ̀.

Olóòtú Àná:
Wọ́n ń lò ó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí wọn kò bá mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, tàbí tí ẹni náà bá fẹ́ kí a máa pe òun bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ti ọ̀wọ̀. Àwọn tí wọ́n béèrè pé àwọn mélòó ni ó ṣubú ti dá yín lóhùn.

Oníbèéèrè, ohun kan tí mo máa ń ṣe nìyí: lẹ́yìn tí mo bá tún un ṣe tán, mo máa ń fún ẹni tí kò rí ti àkọ́kọ́ kà, n ó ní kí ó fi Yorùbá ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ẹni tí ó ni ìwé yóò jókòó tì wá. Bí ó bá ní "bẹ́ẹ̀ kọ́" níbì kan, èmi ni mo ba ibẹ̀ jẹ́.

Oníbèéèrè:
Mo gbọ́. Nǹkan mìíràn tún wà. Ó kọ "kékeré" ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, pé díẹ̀díẹ̀ ni òun ń fá igi náà. Mo ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Tíṣà Àgbà, Ọ̀yọ́:
Ẹ dá a padà! Ṣé ó ṣòro láti lóye ni? Ọwọ́ káfíńtà lórí igi ni ẹ fi ń gbọ́ níbẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé Amos Tutùọlá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ bí ó ti rí, wọ́n sì fi ojú ewé kan nínú ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ hàn pẹ̀lú àwọn ibi tí wọ́n ti tún un ṣe.

Ìyá Ìwé:
Ọ̀pọ̀ ọmọwé ilé ni inú wọn kò dùn sí i nígbà náà, Tíṣà. Wọ́n ní ó ń dójú ti wa. Oníṣòwò ni káfíńtà yìí, kì í ṣe òǹkọ̀wé ìtàn. Bí oníbàárà bá fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, ṣé ẹ̀yin ni ẹ máa ra àga? Ẹ bi òun fúnra rẹ̀ bóyá ó fẹ́ kí ó wà níbẹ̀.

Ní ti orúkọ, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn onígbá ní Ọ̀yọ́. Bí igbá bá sán, wọn kì í jù ú nù, wọn a gán an. Igbá náà ni yóò sì máa jẹ́. Gígán ni iṣẹ́ yìí.

Ọmọ Ṣọ̀ún:
Gígán dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi à- sí i ńkọ́? Ẹni tí kò bá fi àmì sí i yóò pè é ní àgàn.

Tíṣà Àgbà, Ọ̀yọ́:
À- yẹn náà ni ẹ tún gbé dé. Ta ni ó ní dandan ni kí a fi à- sí i?

Oníbèéèrè:
Mo ti lọ bá a ní Tákìé ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ó ní kí n dá pẹ̀lẹ́ àti kékeré méjèèjì padà, kí n sì pe bàbá náà ní Bàbá. Nígbà tí mo sọ fún un pé àfọ̀mọ́ ni mo ń pe ohun tí mo ṣe sí ìwé rẹ̀, ó wo òkè, ó ní, "Èyí tí ó wà lórí igi?"