Káfíńtà ilé wa ní Ìsánlú: ṣé ó fi ọjọ́ kan pẹ́ ni?

Ọmọ Ìsánlú, Líìdì: Ẹ̀yin èèyàn mi, okun o. Káfíńtà tó kan òrùlé ilé màmá mi ní Ìsánlú bá mi ṣe àdéhùn pé ọjọ́ iṣẹ́ 25 ni òun yóò fi parí rẹ̀, a kò sì ní ka ọjọ́ tí páànù àti pákó bá dé mọ́ ọn. Ẹrù dé ní Ọjọ́rú, 25 oṣù kẹta ọdún 2026, ó sì fa iṣẹ́ lé wa lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ajé, 4 oṣù karùn-ún. Mo to ọjọ́ ìsinmi ìjọba Nàìjíríà tó bọ́ sáàárín sínú H2 dé H4 nínú Excel: 3 àti 6 oṣù kẹrin fún Àjíǹde, àti 1 oṣù karùn-ún fún àwọn òṣìṣẹ́. Ohun tí mo tẹ̀ nìyí, ó sì fún mi ní 26:

```
=NETWORKDAYS(DATE(2026,3,25), DATE(2026,5,4), H2:H4)
```

Ṣé kí n yọ owó ọjọ́ kan tó fi pẹ́?

Bàbá Kàbbà, Hústọ̀n: Má yọ nǹkan kan lówó ọlọ́wọ́, ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí ẹrù dé títí di ọjọ́ tó parí iṣẹ́, ọjọ́ 41 ni, ìyẹn ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti ọjọ́ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 25. Nínú mẹ́fà tó kù, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì àti Ajé ni ti iṣẹ́, ó di 29. Yọ ìsinmi mẹ́rin, torí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ọjọ́ Àìkú Àjíǹde fúnra rẹ̀. Ó ku 25 géérégé. Mo tẹ tìrẹ náà sínú kọ̀ǹpútà mi níbí, 29 ló gbé wá, ẹ̀rọ náà kò mọ Àjíǹde rárá.

Nọ́ọ̀sì ará Ẹ̀gbẹ̀, Ríyáàdì: Ẹ bá mi wo tèmi náà. Ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé la fi ń sinmi níbí, ṣùgbọ́n tí mo bá ń ka ọjọ́ ìsinmi ọdọọdún mi, ọjọ́ Àìkú tí mo máa ń ṣiṣẹ́ ni ẹ̀rọ ń yọ.

Ẹ̀gbọ́n Mọ̀pà, Abadíìnì: Bàbá, ẹ kú làákàyè. Ọ̀nà tí ẹ gbà rí 29 yẹn tọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú ti jáde tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpin ọ̀sẹ̀, ẹ kò lè tún un yọ lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ tí ẹrù dé ló yẹ kí ẹ yọ, ẹ kò sì yọ ọ́. Àṣìkà méjì ló pa ara wọn rẹ́ tí ẹ fi bá 25 pàdé. Bí a ti ń ka ọjà ọrọọrún, tí ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, ni NETWORKDAYS ṣe ń ka ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin pọ̀. Nítorí náà, àbúrò, fi ọjọ́ kan sún ìbẹ̀rẹ̀ síwájú:

```
=NETWORKDAYS(DATE(2026,3,25)+1, DATE(2026,5,4), H2:H4)
```

25 ni yóò fún ọ. Má kàn yọ ọ̀kan nínú èsì, nítorí bí ẹrù bá dé lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ náà kò sí nínú kíkà tẹ́lẹ̀, wàá wá fi ọjọ́ iṣẹ́ kan ta káfíńtà lọ́rẹ.

Ti 29 tí Bàbá rí, ó jọ pé 3/4, 6/4 àti 1/5 ni wọ́n tẹ̀. Oṣù ni kọ̀ǹpútà Amẹ́ríkà ń kà ṣáájú ọjọ́, ó sì gbé ìsinmi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí oṣù kẹta, ìkẹfà àti ìkíní, kò sì ké gbàjarè, torí ọjọ́ gidi ni wọ́n lójú tirẹ̀. Bí èsì kò bá yí padà lẹ́yìn tí ẹ pa H2:H4 rẹ́ nínú òfin náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. DATE ni kí ẹ fi kọ ìsinmi náà.

Nọ́ọ̀sì wa, NETWORKDAYS.INTL ni tiyín, kí ẹ sì fi 7 sí ipò kẹta, ìyẹn Ẹtì àti Sátidé.

Nọ́ọ̀sì ará Ẹ̀gbẹ̀, Ríyáàdì: Ó ti gbà, ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n ṣé káfíńtà ilé kì í ṣiṣẹ́ ní Sátidé ni?

Ọmọ Ìsánlú, Líìdì: Màmá ní ó wá ní Sátidé mélòó kan. Ìwé àdéhùn kò sọ ju "ọjọ́ iṣẹ́" lọ.

Ẹ̀gbọ́n Mọ̀pà, Abadíìnì: Ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Bí Sátidé bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, 11 ni ìwọ yóò fi sípò kẹta, èyí tó ń yọ ọjọ́ Àìkú nìkan:

```
=NETWORKDAYS.INTL(DATE(2026,3,26), DATE(2026,5,4), 11, H2:H4)
```

Sátidé mẹ́fà yóò wọlé, yóò di 31, á sì ti fi ọjọ́ mẹ́fà pẹ́.

Bàbá Kàbbà, Hústọ̀n: Sátidé wo? Sátidé la ń sìnkú, òun la fi ń ṣègbéyàwó lọ́dọ̀ wa. Bí ó bá wá, oore ló ṣe.

Ẹ̀gbọ́n Mọ̀pà, Abadíìnì: Bàbá, gbogbo káfíńtà tí mo mọ̀ ní Mọ̀pà ló ń gba owó iṣẹ́ Sátidé. Àbúrò, bi í léèrè ohun tó ní lọ́kàn nígbà tó fọwọ́ sí i, kí o tó fọwọ́ kan owó rẹ̀.