Nọ́ọ̀sì oníṣíìfù ń wá òwò tí kò ní gbà á lójoojúmọ́

Nọ́ọ̀sì Àgbókojọ: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan n'Ìbàdàn níbí. Rọ́sítà wa kì í dúró sójú kan. Ọ̀sẹ̀ yìí nàìtì mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ àárọ̀ àti ọ̀sán, nígbà mìíràn wọ́n á tún un tò nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. ₦80,000 ló wà lọ́wọ́ mi. Òwò wo ni mo lè fi kún owó oṣù, tí kò ní fẹ́ kí n wà nídìí ẹ̀ lójoojúmọ́? Mo ń ro adìẹ ẹlẹ́ran, mo tún ń ro ẹ̀wà tí mo lè máa tà fún àwọn ará ibi iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lójú.

Bàbá Sángo: Adìẹ ni! Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ó ti tó tà. Ọmọ adìẹ 50 péré, o ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Olóúnjẹ: Bàbá, òótọ́ ni ti ọ̀sẹ̀ yẹn. Ta ni yóò wá bu omi fún wọn nígbà tí nọ́ọ̀sì bá wà ní nàìtì? Ọmọ adìẹ kò lè gbé láìsí ooru ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Bí iná bá kú lóru, wọ́n á wọ́ jọ sórí ara wọn, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á kú kílẹ̀ tó mọ́. Ohun tí ọmọ yìí ń wá ni ọjà tó lè dúró dè é. Ẹ̀wà lè dúró.

Nọ́ọ̀sì, má ra nǹkan kan kí àwọn èèyàn tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Tí rọ́sítà bá jáde, mú ọjọ́ ìsinmi kan níbẹ̀. Kó má jẹ́ ọjọ́ tí o jáde ní nàìtì o, ojú tó ń tòògbé kì í rí kòkòrò. Kọ ọ́ sí Wáàsáàpù pé ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀wà kó sọ ó kéré tán ní ọjọ́ méjì kí ọjọ́ náà tó pé. Bí èèyàn 15 bá ti dáhùn, àpò 50 kílò kò ní pẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Olóyin ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, ó dùn, kì í sì í jẹ gáàsì púpọ̀.

Ní Bódìjà, má jẹ́ kí wọ́n fi ojú àpò tàn ọ́. Ní kí wọ́n tú u, kí o ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ wọlé títí dé ìgúnpá, kí o bu ẹ̀kúnwọ́ kan jáde, kí o tẹ́ ẹ sínú àwo. Ihò róbótó lára ẹ̀wà túmọ̀ sí pé kòkòrò ti jáde lọ. Àmọ́ èyí tó máa ń mú èèyàn ni àmì funfun kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ èèpo, àfi bíi pé wọ́n fi ẹfun tò ó. Ẹyin ni. Ọmọ tó bá pa níbẹ̀ á lu ẹ̀wà wọ inú, ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun, yóò sì jáde ní nǹkan bí oṣù kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà fi lè mọ́ lójú rẹ lónìí, kó di lẹ́búlẹ́bú nílé oníbàárà.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ata gbígbẹ nìkan ni kó jù sínú ẹ̀, kòkòrò kò ní sún mọ́ ọn. Tàbí kó wọ́n òtapíápíá díẹ̀ sórí àpò.

Ìyá Olóúnjẹ: Ata lè lé èyí tó ń bọ̀ láti ìta díẹ̀. Èyí tó ti wà nínú ẹ̀wà kò mọ̀ pé ata wà níbì kankan. Òtapíápíá sì kọ́, májèlé ni! Kò sí bí o ṣe fẹ́ ṣan án kúrò kí ọkàn rẹ balẹ̀, nọ́ọ̀sì ló sì yẹ kó mọ ìyẹn jù wá lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀wà pẹ́ ni kó ra àpò onípele mẹ́ta: ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde. Ẹ̀wà á kọ́kọ́ gbẹ dáadáa. O ó fún afẹ́fẹ́ jáde, o ó so ọ̀rá àkọ́kọ́ le, o ó tún so èkejì lọ́tọ̀. Kòkòrò inú ẹ̀ á lo afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù tán, á sì kú. Má tú u fún bí oṣù méjì. Bí eku tàbí ìṣó bá lu ọ̀rá náà, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìyẹn wà fún ẹni tó bá rà á nígbà tí ẹ̀wà tuntun dé láti òkè ọya, bí oṣù kẹwàá sí ìkejìlá. Ìwọ tó máa tà á láàárín ọ̀sẹ̀ kan kò nílò rẹ̀ báyìí.

Nọ́ọ̀sì Àgbókojọ: Ẹ ṣé, mà. Kóńgò ni kí n máa fi wọ̀n ọ́n?

Ìyá Olóúnjẹ: Rárá. Kóńgò Bódìjà àti kóńgò ilé rẹ lè má dọ́gba, ìjà ni yóò dá sílẹ̀. Ra òṣùwọ̀n kílò kékeré, kí o dì í ní kílò méjì-méjì.

Jẹ́ ká ṣírò. Ká ní àpò 50 kílò jẹ́ ₦60,000. Kì í ṣe iye ọjà tòní o, mo kàn fi ń ṣàpèjúwe ni. Alábàárù ₦500, ọkọ̀ ₦2,000. Tí o bá ṣà á, òkúta àti ẹ̀wà fífọ́ á gba bíi kílò méjì, á ku ọ̀rá 24. Ọ̀rá ₦50 lọ́kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦1,200. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦63,700. Bí o bá ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦3,100, ₦74,400 lo máa rí, èrè ₦10,700. Wàyí o, jẹ́ kí èèyàn mẹ́ta pé kò sówó, ó di ìparí oṣù: ₦9,300 ti lọ, ₦1,400 ló kù sí ọ lọ́wọ́. Ẹni kẹrin bá tún gbé e láìsanwó, o ti wọ gbèsè ₦1,700. Wo bí àwìn ọ̀rá mẹ́rin ṣe jẹ òógùn ọ̀rá ogún.

Tíṣà Apẹtẹ: Èmi náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ilé ìwé ìjọba ni mo wà. Tàbí kí n kúkú kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì lálẹ́?

Lọ́yà Àdúgbò: Tíṣà, ọ̀rọ̀ tìẹ yàtọ̀ sí ti nọ́ọ̀sì. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, nínú Àfikún Karùn-ún, sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ àkókò kíkún kò gbọdọ̀ máa darí òwò aládàáni. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn aládàáni ni nọ́ọ̀sì yìí wà, òfin yẹn kò kàn án, àmọ́ kó ka ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́.

Bàbá Sángo: Ṣé ẹ gbọ́? Iṣẹ́ àgbẹ̀! Adìẹ ni mo wí.

Tíṣà Apẹtẹ: Bí ìyàwó mi bá ló ń ta ẹ̀wà ńkọ́?

Lọ́yà Àdúgbò: Tó bá jẹ́ òun gan-an ló ń tà á, kò sí wàhálà. Tó bá jẹ́ orúkọ rẹ̀ lásán lẹ fẹ́ lò, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Àgbókojọ: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ní ìsinmi ní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀gá wa obìnrin ti ní òun fẹ́ ọ̀rá mẹ́ta, òun ó sanwó tí owó oṣù bá wọlé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí fún un pé mi ò tà láwìn?

Ìyá Olóúnjẹ: Ọ̀rá mẹ́ta kẹ̀? Sọ fún un pé ẹni tó kọ́kọ́ sanwó ni wọ́n ń dì fún. Kọ ọ́ sórí Wáàsáàpù báyìí, kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, kó má lọ dà bíi pé òun lò ń bá wí.