Ìpápánu àti ohun mímu tí kì í tètè bàjẹ́ nínú mọ́tò: ẹ sọ ìrírí yín

Ìyá Tiwa
Ẹ kú ilé o. Ìrìn wákàtí 10 ló wà níwájú wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ ọdún 7 ni àkọ́bí mi, àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 2. Aago 6 àárọ̀ la fẹ́ gbéra. Oòrùn ń mú gan-an lásìkò yìí, ẹ̀rọ amútùtù mọ́tò wa kò sì ṣiṣẹ́. Ìrẹsì, adìẹ díndín, ẹyin sísè àti yógọ́ọ̀tì ló wà lọ́kàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti kó ọmọ rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kí ni ẹ gbé tó ṣì dára títí di ọ̀sán?

Bàbá Àrẹ̀mú
Ẹ fi ìrẹsì sílẹ̀, kì í pẹ́ kan. Adìẹ ni kí ẹ gbé. Ẹ din ín kó gbẹ, kí iyọ̀ wọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ ó jẹ ẹ́ dé ibi tí ẹ ń lọ. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Tí ẹ bá ṣí i tí kò rùn, tí kò yọ̀ lọ́wọ́, kò sóhun tó ṣe é. Omi ńkọ́? Ẹ má fún wọn ní púpọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ ni ẹ ó máa dúró fún títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Alásè Àgbà
Bàbá Àrẹ̀mú, òótọ́ ni ti ìrẹsì. Ti adìẹ ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, torí iṣẹ́ oúnjẹ ni mò ń ṣe. Dídín ń pa kòkòrò tó wà lára ẹran lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ti fọwọ́ kó o sínú ike, òmíràn lè tún ọwọ́ wa bọ́ sí i. Ìta ẹran ló gbẹ, inú rẹ̀ ṣì ní omi tí kòkòrò yóò fi gbilẹ̀. Iyọ̀ tí ẹnu lè gbà kò tó láti dá a dúró. Òórùn kò sì ní sọ fún yín. Àwọn kòkòrò kan wà tí májèlé wọn kì í rùn, bí ẹ tilẹ̀ gbé ẹran náà padà sórí iná, májèlé yẹn kò ní kúrò.

Mo rí i lójú ara mi nígbà tí mo bá àwọn ọmọ ilé ìwé rìn. Wọ́n kó ẹran díndín sí búùtù ọkọ̀ láti òwúrọ̀. Lọ́sàn-án, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán, àwọn ọmọ jẹ ẹ́ tìfẹ́tìfẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àwọn tó jẹ ẹ́ ti ń bì. Àwọn tí wọ́n jẹ bisikíìtì nìkan kò ṣe nǹkan kan.

Ìlànà tí à ń tẹ̀ lé lẹ́nu iṣẹ́ ni pé ẹran, ẹja, ẹyin, ìrẹsì sísè àti wàrà tí a ti ṣí kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí 2 lọ níta. Bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 32 Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì, wákàtí 1 péré ni. Mọ́tò tí a gbé sínú oòrùn á kọjá ìyẹn kíá.

Ìyá Tiwa, bó bá ṣe èmi ni, báyìí ni n ó ṣe é. N ó se ẹyin ní nǹkan bí aago 5 ààbọ̀, n ó fi í sínú èèpo rẹ̀, kí a jẹ ẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì kí ooru ọjọ́ tó dé, ó pẹ́ tán aago 7 ààbọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, n ó dà á nù. Láti ìgbà náà lọ, ohun gbígbẹ àti ohun tó ṣì wà nínú èèpo ni: bisikíìtì tí kò ní kírímù, búrẹ́dì tí a fi ẹ̀pà lílọ̀ ra, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí kò tíì rọ̀ jù, ọsàn tí a kò bó. Ẹ má gé èso sínú ike láti ilé o. Bí ọ̀bẹ bá ti kàn án, ó ti di ará ẹran àti ẹyin nìyẹn.

Yógọ́ọ̀tì ṣeé gbé bí kúlà bá wà. Ẹ bu omi mímu sínú ìgò ike, ẹ fi bí ìka mẹ́ta sílẹ̀ lókè torí omi ń wú bó bá ń dì, kí ẹ sì kó wọn sí fírísà láti ìjẹta kí wọ́n lè dì dénú. Ìgò yìnyín nísàlẹ̀, yógọ́ọ̀tì tó ti tutù láàárín, ìgò mìíràn lórí, aṣọ ìnura nínú àyè tó ṣófo. Iwájú ìjókòó ẹ̀yìn ni kí kúlà wà, níbi tí oòrùn kò dé, kì í ṣe búùtù. Omi tí àwọn ọmọ máa mu, ẹ kó o sínú àpò mìíràn, torí wọn ò ní yé ṣí i. Bí yìnyín bá ṣì wà nínú ìgò nígbà tí ẹ ṣí kúlà, ẹ fún wọn ní yógọ́ọ̀tì. Bó bá ti yọ́ tán, tí ìgò ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má tọ́ ọ wò.

Ìyá Ìbejì
Tèmi kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Mo máa ń po wàrà ọmọ sínú fídà láti ilé, n ó wé e mọ́ aṣọ kó má tutù. Àwọn ìbejì mi kò tíì pé oṣù 6. Ṣé ó lè bá mi dé bí ọ̀nà bá gùn tó wákàtí 10?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Rárá o, ìyá mi. Wàrà tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ gan-an ni kòkòrò ń fẹ́. Ẹ wọn ìyẹ̀fun rẹ̀ ní gbígbẹ sínú ike mímọ́, ike kan fún ìgbà kan. Ẹ kó omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sínú fúláásì tó dára. Ìgbà tí ebi bá pa wọ́n ni kí ẹ tó pò ó, omi náà gbọ́dọ̀ ṣì gbóná dáadáa torí ìyẹ̀fun fúnra rẹ̀ lè ní kòkòrò. Ẹ ki fídà bọ inú omi tútù, ẹ kán an sí ọrùn ọwọ́ yín wò kí ẹ tó fún wọn. Àjẹkù, ẹ dà á nù.

Ìyá Tiwa, nítorí ọmọ ọdún 2 yẹn, ẹ má gbé odindi ẹ̀pà tàbí gúgúrú fún un. Ó lè há a lọ́fun. Bí mọ́tò bá ń sáré, ta ló máa tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ẹ̀pà lílọ̀ tí a fi ra búrẹ́dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló yẹ ẹ́.

Bàbá Àrẹ̀mú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi du ọmọ nínú ooru. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa mu ún, kí mọ́tò sì dúró ní bíi wákàtí méjì-méjì. Ohun mímu tó dùn jù àti ìpápánu oníyọ̀ ló ń mú kí òùngbẹ máa gbẹ wọ́n.

Dìrẹ́bà Ọ̀nà Jíjìn
Wàrà inú páálí kékeré, irú èyí tí wọ́n fi ooru ńlá pa kòkòrò rẹ̀, kò nílò yìnyín títí ẹ ó fi ṣí i. Páálí tó bá wú, ẹ má ṣí i rárá. Àmọ́ ọmọ tèmi kì í mu wàrà nínú ọkọ̀ kó má bì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ń mu ún tí nǹkan kan kì í ṣe é. Ǹjẹ́ ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ wà níbí?

Bàbá Àrẹ̀mú
Ti omi, mo ti gbọ́. Adìẹ ńkọ́, bí mo bá jẹ́ kó dì nínú fírísà kí n tó gbé e?

Alásè Àgbà
Ẹ gbé e bẹ́ẹ̀ bó bá wà láàárín ìgò yìnyín. Ọjọ́ orí yógọ́ọ̀tì ni tirẹ̀ náà: bí yìnyín bá tán, ó tán.

Ìyá Tiwa
Adìẹ ti kúrò nínú ẹrù mi. Ṣùgbọ́n kò sí fírísà níbi tí à ń lọ. Kí ni n ó ṣe nígbà tí a bá ń padà bọ̀?

Alásè Àgbà
Ẹ fi yógọ́ọ̀tì sílẹ̀ ní ti àbọ̀. Wàrà inú páálí, omi tí a kò tíì já ìdérí rẹ̀, bisikíìtì àti ọsàn ni kí ẹ gbé. Ẹ mú páálí wàrà tí ọmọ kan lè mu tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.